Ibà Tí Ó Sá Pamọ́ Sínú Ibi Ọmọ

Obìnrin kan wà ní Agége tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ oníke kan nítòsí òpópónà Ọba Akran ní Ìkẹjà. Bí ó bá ṣe iṣẹ́ ọ̀sán fún ọ̀sẹ̀ kan, iṣẹ́ òru ni yóò ṣe ní ọ̀sẹ̀ kejì. Oyún àkọ́kọ́ rẹ̀ ti lé ní oṣù márùn-ún nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́ ṣáá. Ara rẹ̀ kò gbóná, òtútù kò sì mú un. Síbẹ̀, ó lọ sọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì, wọ́n gún un lọ́mọ ìka, wọ́n sì ní kò sí ibà lára rẹ̀. Ó padà sílé pẹ̀lú ìtura.

Nígbà tí ó dé ilé ìwòsàn aláboyún ní ọ̀sẹ̀ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 26 nínú 100. Bí ti aláboyún bá ti dín ní 33, ẹ̀jẹ̀ kò tó nìyẹn. Ikùn rẹ̀ pàápàá kéré sí ọjọ́ orí oyún náà.

Àyẹ̀wò oníkẹ́míìsì lè má purọ́ o. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ ìka ni wọ́n yẹ̀ wò, bẹ́ẹ̀ ibà aláboyún lè má sí níbẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa tí kòkòrò ibà bá ti wọ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ara ibi ọmọ, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní èkejì ọmọ. Ní ọdún 1996, Michal Fried àti Patrick Duffy, tí wọ́n ṣe ìwádìí ní ìwọ̀-oòrùn Kẹ́ńyà, fi hàn pé ohun kan wà lára ibi ọmọ tí àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí ń dì mú. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń pọ̀ sí i, tí wọn kò sì ní jẹ́ kí oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ dé ọ̀dọ̀ ọmọ bí ó ti yẹ. Ẹ̀jẹ̀ ìyá yóò máa gbẹ, ọmọ yóò sì máa rù nínú.

Ìdí nìyí tí oyún àkọ́kọ́ fi léwu jù níbi tí ibà ti wọ́pọ̀. Ẹni tí ó dàgbà sí Èkó ti bá ibà jà láti kékeré, ara rẹ̀ sì ti mọ ọ́n. Ṣùgbọ́n ibà tí ó ń lẹ̀ mọ́ ibi ọmọ gbé ojú mìíràn wá, ara obìnrin kò sì rí irú rẹ̀ rí títí di ọjọ́ tí ó lóyún. Nígbà tí yóò bá fi di oyún kejì tàbí ìkẹta, ara á ti ń dá a mọ̀.

Nítorí pé àyẹ̀wò lè má rí i, wọn kì í dúró de àyẹ̀wò kí wọ́n tó fún aláboyún ní oògùn ìdènà, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Fáńsídà. Láti ọ̀sẹ̀ kẹtàlá ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Hóró mẹ́ta ni yóò gbé mì lẹ́ẹ̀kan náà, lójú nọ́ọ̀sì, ì báà ti jẹun tàbí kò tí ì jẹun. Oṣù kan ó kéré tán gbọ́dọ̀ wà láàárín ìlò kan àti èkejì, kí ó sì lò ó tó ẹ̀ẹ̀mẹta kí ó tó bímọ. Obìnrin Agége yìí pẹ́ kí ó tó dé, ṣùgbọ́n kò tí ì bọ́: ó lo ti àkọ́kọ́ ní ọ̀sẹ̀ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, ìkejì ní ọgbọ̀n, ìkẹta ní ìkẹrìnlélọ́gbọ̀n.

Nọ́ọ̀sì tún béèrè oògùn ẹ̀jẹ̀ tí ó ń lò. Fólíìkì ásíìdì oní-mílígíráàmù 5 ni ó ń rà. Èyí tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ máa ń sọ agbára Fáńsídà di aláìlera, nítorí náà wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ sí ti 0.4, wọ́n sì fi oògùn irin kún un. Wọ́n kìlọ̀ fún un pé Fáńsídà kì í ṣe oògùn ìwòsàn; bí ara rẹ̀ bá gbóná, kí ó tètè padà wá fún àyẹ̀wò àti ìtọ́jú. Bákan náà, aláboyún tí ó bá ń lo Sẹ́tírínì lójoojúmọ́ nítorí kòkòrò HIV kò gbọdọ̀ fi Fáńsídà kún un.

Ó kù àwọ̀n ẹ̀fọn. Ní ọ̀sẹ̀ méjìlá àkọ́kọ́, nígbà tí kò tí ì tó àkókò Fáńsídà, àwọ̀n tí a fi oògùn sí ni ààbò tí ó wà. Ẹ̀fọn tí ó bá bà lé e lè kú, kódà bí àwọ̀n náà bá ya díẹ̀. Inú ibòji ni a ti ń sá a, nítorí oòrùn máa ń ba oògùn ara rẹ̀ jẹ́. Obìnrin yìí ní tirẹ̀, ó sì ń sùn nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òru ni ẹ̀fọn ibà ń jẹni jù, òru ọ̀sẹ̀ méjì-méjì nínú oṣù sì ni ó ń lò nídìí ẹ̀rọ, tí àwọ̀n rẹ̀ ń fì lásán ní Agége. Oorun ọ̀sán nínú àwọ̀n kò lè dí èyí. Ó bẹ ọ̀gá rẹ̀, wọ́n sì gbé e sí iṣẹ́ ọ̀sán nìkan.

Nígbà tí ó bímọ, ọmọ náà wọn kílò 2.7. Àwọn nọ́ọ̀sì ka ọmọ tí kò bá tó 2.5 sí ọmọ tí kò wúwo tó. Gíráàmù 200 péré ni ó fi ré kọjá.