Bí Mo Ṣe Dá Àwọ̀ Padà Sí Sánmà Tó Ṣá

Nígbà ọyẹ́, eruku tí afẹ́fẹ́ ń gbé wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà máa ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ oòrùn ká gbogbo ojú ọ̀run. Tí kámẹ́rà bá wá fẹ́ kí ojú èèyàn hàn dáadáa, sánmà ẹ̀yìn rẹ̀ á ṣá bí aṣọ tí a ti fọ̀ jù. Bẹ́ẹ̀ ni fọ́tò tí mo ya màmá mi níwájú Àpáta Zuma rí, lójú ọ̀nà Àbújá sí Kàdúná. Ìgbà kan ṣoṣo tí wọ́n tíì wá sọ́dọ̀ wa nìyẹn, wọ́n sì fẹ́ gbé e kọ́ ògiri nílé.

Mo kọ́kọ́ wò ó bóyá nǹkan kan ṣẹ́ kù nínú sánmà náà. Nínú Lightroom orí fóònù, mo fa Exposure wálẹ̀ títí fọ́tò fi ṣókùnkùn. Bí sánmà bá kàn di eérú, kámẹ́rà ò rí nǹkan kan gbà síbẹ̀, kò sì sí ohun tí a lè fà jáde. Ṣùgbọ́n DNG ni mo fi ya tèmi, kì í ṣe JPEG, búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ sì yọ lókè. Mo dá Exposure padà sí 0.

Mo wá ṣí Masking, mo mú Linear Gradient, mo sì fa ìka láti òkè sánmà dé ibi tó ti fẹ́ kan ilẹ̀. Agbára rẹ̀ pọ̀ lókè, ó ń dín kù bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, bí búlúù ojú ọ̀run gan-an ṣe máa ń ṣe. Mo fi Exposure sí −0.70, Highlights sí −40. Orí àpáta náà bá ṣókùnkùn, àfi bíi pé òjò pa á. Mo tẹ Subtract, mo mú Brush, mo fi pa àpáta náà rẹ́ kúrò nínú rẹ̀. Bí ìlà funfun bá yí àpáta ká, ìka ti kọjá etí rẹ̀ nìyẹn.

Ó ku àwọ̀. Tí mo bá gbé Saturation gbogbo fọ́tò sókè, ojú màmá mi àti ilẹ̀ pupa ibẹ̀ á pọ́n bí ọsàn. Blue inú Color Mix náà ò bá mi lára mu, nítorí gèlè àdìrẹ wọn, aró ni. Inú Linear Gradient yẹn kan náà ni mo ti gbé Saturation sókè, níbi tí kò ti lè kan gèlè. Ní +35, sánmà bẹ̀rẹ̀ sí í ní hóró bí iyanrìn nígbà tí mo fẹ̀ ẹ́ wò. Mo dín in kù sí +18.

Mi ò kọjá ibẹ̀. Òjìji ẹsẹ̀ wọn ò fi bẹ́ẹ̀ hàn nílẹ̀, nítorí oòrùn ọyẹ́ kì í mú. Tí sánmà bá wá dú bíi ti ẹ̀yìn òjò, ilẹ̀ yẹn fúnra rẹ̀ ló máa já a nírọ́.