Òjò, Fóònù, àti Yẹtí Ìyá Mi

Ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ kan tí òjò dá mi dúró lábẹ́ bíríìjì Ìkẹjà, ní Èkó Àkéte, ilé ọgbọ́n, mo yọ fóònù jáde láti fi pe ọkọ̀ lọ sí Sùúrùlérè, ọ̀nà tí mo máa ń san 4,000 náírà fún ní ọjọ́ tí ara bá tu ìlú. 7,600 ni mo bá níbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kékeré kan pé èrò ti pọ̀ ju ọkọ̀ lọ. Ẹni òjò pa tí Ṣàngó kò pa, wọ́n ní kí ó máa dúpẹ́. Ọpẹ́ kò jáde lẹ́nu mi.

Owó ìgbéra, owó ìrìn àti owó ìṣẹ́jú ni ẹ̀rọ náà ń rò pọ̀, bí èrò bá sì ti ju ọkọ̀ lọ ní àdúgbò kan, a fi ìlọ́po kan gbé àròpọ̀ náà sókè. Ti ọjọ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Mo yíjú sí onítakisí aláwọ̀ ìyeyè kan, òun náà sì bu òjò mọ́ owó tirẹ̀: ó ní 8,000. A ná an, a ná an, ó wá sí 6,000, èyí tí í ṣe ìlọ́po kan àbọ̀ owó tí mo mọ̀. Ààlà náà nìyẹn: bí ti fóònù bá ju ìlọ́po kan àbọ̀ lọ, takisí ló sàn, bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, kí n padà sí fóònù. Bí òjò bá sì dá, owó fóònù a máa wálẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí a bá onítakisí ná tán kì í yẹ̀.

Mo ti wọkọ̀ kí n tó bi ara mi léèrè ibi tí 8,000 náà ti wá. Ojú ọ̀run nìkan ha ni ọkùnrin náà wò bí, àbí ó wo bàtà mi pẹ̀lú?

Ní Ìbàdàn, Mesí Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, bí ìyá mi bá ti fẹ́ pe takisí ní Dùgbẹ̀, yóò kọ́kọ́ yọ yẹtí góòlù rẹ̀ sínú àpamọ́wọ́, yóò tú gèlè, yóò sì wé e bí ẹni tí ń ti oko bọ̀, nítorí ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Ṣùgbọ́n lóru ọjọ́ tí ara àbúrò mi gbóná bí iná, tí ìyá mi sáré jáde pẹ̀lú yẹtí létí àti omijé lójú, ààbọ̀ owó ni awakọ̀ náà gbà lọ́wọ́ wa títí dé ilé ìwòsàn. Ojú tí ń fi góòlù díwọ̀n ènìyàn náà ni ó rí omijé. Fóònù kò rí èyíkéyìí nínú méjèèjì. Àdúgbò àti wákàtí ni ó ń díyelé, ọlọ́rọ̀ àti abiyamọ tí ó dì mọ́ ọmọ aláìsàn ní ibì kan náà, iye kan náà ni.

Sùúrùlérè ni mo ti sọ̀ kalẹ̀, mo ń wá 6,000 nínú báàgì mi, ni ọwọ́ mi kan yẹtí méjèèjì nísàlẹ̀ rẹ̀. N kò rántí ìgbà tí mo yọ wọ́n.