Títà Ìdúró àti Títà Ìjókòó

Ilé ìtajà kékeré kan ni àwa tọkọtaya ń ṣe ní Ìbàdàn. Ohun èlò iná ni a ń tà níbẹ̀: gílóòbù, wáyà, sókẹ́ẹ̀tì, fáànù, títí dé orí ínfátà àti bátìrì ńlá. Ọ̀nà méjì ni a ń gbà tà wọ́n, a sì ti fún ọ̀nà méjèèjì ní orúkọ láàárín ara wa. Èkíní ni títà ìdúró. Oníbàárà dúró níwájú káńtà, ó dárúkọ ohun tí ó fẹ́, ó ná an, ó sanwó, ó bá tirẹ̀ lọ. Èkejì ni títà ìjókòó. A fún oníbàárà ní àga, a ó sì máa bi í léèrè títí a ó fi mọ iṣẹ́ tí ó fẹ́ fi ọjà náà ṣe, kí a tó sọ èyí tí yóò rà.

Àwọn kan rò pé títà ìjókòó ni ó níyì jù, pé gbogbo ẹni tí ó bá wọlé ni kí a fún ní àga. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ká ní èrè orí gílóòbù kan jẹ́ 200 náírà. Bí a bá fi ogún ìṣẹ́jú bi ẹni tí ó fẹ́ rà á léèrè nípa yàrá rẹ̀ àti àwọ̀ ògiri rẹ̀, ẹni mẹ́rin tí ó dúró lẹ́yìn rẹ̀ yóò ti yà sí ìsọ̀ kejì. Òun pàápàá yóò máa wò wá pé kí ló dé. Ó mọ ohun tí ó fẹ́. Bí gílóòbù náà kò bá sì mọ́lẹ̀ tó bí ó ti rò, yóò gbé e lọ sí bálùwẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń wá lọ́dọ̀ wa kò ju pé kí ọjà wà nílẹ̀, kí ó jẹ́ ojúlówó, kí iye rẹ̀ má ju ti ìsọ̀ kejì lọ, kí ṣéńjì sì wà. Nítorí náà ni a ṣe gbé ojú gílóòbù kan sórí káńtà, tí a ń tan ohun tí ènìyàn rà níṣojú rẹ̀ kí ó tó lọ. Ìṣẹ́jú méjì ni gbogbo rẹ̀ ń gbà.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ti ìyá aránṣọ kan tí ó wá bá wa. Ó ní, “Ẹ fún mi ní ínfátà 1.5 kVA pẹ̀lú bátìrì kan, irú ti aládùúgbò mi.” Owó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ohun tí ó rọrùn ju kí a gbé ẹrù fún un kí a sì gba owó. Ìyàwó wa ló fà á ní àga. Ó ní, “Màmá, ẹ jókòó ná. Kí ni ẹ fẹ́ kí ó máa gbé?”

Ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta ni, fáànù méjì, gílóòbù mẹ́rin, àti áyọ́ọ̀nù. Nígbà tí ó dárúkọ áyọ́ọ̀nù yìí ni a wojú ara wa. A bi í pé wákàtì mélòó ni wọn kì í fi í mú iná wá lójú iṣẹ́, ó ní bíi márùn-ún. A ní wákàtì mélòó ni iná ń fi wà tí ó bá dé, ó ní lóru ni ó sábà máa ń wá, bíi wákàtì méje. Lẹ́yìn náà ni a rán ọmọ tí ń bá wa ṣiṣẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti ka ohun tí a kọ sára mọ́tò àwọn ẹ̀rọ náà, nítorí pé mọ́tò ẹ̀rọ ńlá ti ilé iṣẹ́ lè jẹ 400 wáàtì, ṣùgbọ́n ti kékeré lè má ju 100 lọ. Kékeré ni gbogbo tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a jọ ṣírò rẹ̀. Ẹ̀rọ mẹ́ta jẹ́ 300 wáàtì, fáànù méjì jẹ́ 120, gílóòbù mẹ́rin jẹ́ 40. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 460. Ínfátà 1.5 kVA kò lè gbé ju bíi 1,200 wáàtì lọ, nítorí náà àwọn wọ̀nyí kò wúwo fún un. Áyọ́ọ̀nù nìkan jẹ́ 1,000. Bí ó bá ki áyọ́ọ̀nù bọ iná nígbà tí àwọn ìyókù ń ṣiṣẹ́, ó di 1,460, ínfátà yóò ké, yóò sì kú pii. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an ni ìyẹn ì bá ṣẹlẹ̀.

Ti bátìrì wá ńkọ́? Fáànù àti gílóòbù ń jẹ 160 wáàtì, fún wákàtì márùn-ún ó di 800. Ẹ̀rọ ìránṣọ kì í ṣiṣẹ́ àfi tí ẹsẹ̀ bá wà lórí rẹ̀, nítorí náà a ka ìdajì àkókò fún wọn, ìyẹn 750. Àpapọ̀ jẹ́ 1,550. Bátìrì olómi kan tí a kọ 12 àti 200 sí lára, 2,400 ni ó gbà sínú bí a bá sọ ọ́ di púpọ̀ lára wọn. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a máa fà ju ìdajì rẹ̀ lọ bí a bá fẹ́ kí ó pẹ́, ínfátà fúnra rẹ̀ sì ń jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ohun tí ó kù fún ènìyàn láti lò jẹ́ nǹkan bí 1,000. Bátìrì kan tí ó wá rà yóò gbé e fún bíi wákàtì mẹ́ta, yóò sì rẹ̀ ẹ́ nígbà tí iṣẹ́ ṣì wà nílẹ̀. Méjì ni ó tó. Bí áyọ́ọ̀nù bá sì wọ̀ ọ́, kò lè dín ní mẹ́rin.

A ní, “Màmá, ẹ yọ áyọ́ọ̀nù kúrò níbẹ̀. Ẹ máa fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ aṣọ, tàbí kí ẹ kó gbogbo lílọ̀ aṣọ jọ kí ẹ tan jẹnẹrétọ̀ fún wákàtì kan nírọ̀lẹ́.” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní èéédú ni ìyá òun lò títí ó fi kú, kò sì sí aṣọ tí kò dán lọ́wọ́ rẹ̀. Ínfátà 1.5 kVA tí ó ń lo bátìrì méjì ni ó gbé lọ. Wákàtì méje iná òru rẹ̀ tó láti kún bátìrì náà padà, nítorí pé bíi márùn-ún ni ó ń gbà láti dá ohun tí a fà padà, ìyókù a sì máa lọ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kún tán. Ká ní wákàtì mẹ́ta ni iná ń fi wà ládùúgbò rẹ̀ ni, à bá ti sọ fún un pé láìsí sólà kí ó má rà á. Bátìrì tí kì í kún a máa kú díẹ̀díẹ̀. Bí a ṣe ń mọ̀ ni pé èyí tí ó ń gbé iṣẹ́ dé agogo mẹ́ta ọ̀sán yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́ lágogo méjìlá, kí ọdún tó yí po. Nígbà náà ni wọn yóò máa pe ọlọ́jà ní oníjìbìtì.

Gbogbo ìjókòó yẹn, pẹ̀lú ìrìn ọmọ wa, kò dín ní wákàtì méjì. Èrè orí ínfátà àti bátìrì méjì lè ru wákàtì méjì. Èrè orí gílóòbù kò lè ru ogún ìṣẹ́jú. Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ọlọ́jà mọ̀ nìyẹn.

Ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Neil Rackham, tí ó ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ títà, kọ sínú ìwé rẹ̀ ní 1988 nípa àwọn ilé ìtajà kámẹ́rà kan. Wọ́n kọ́ àwọn tí ń tajà níbẹ̀ ní ọgbọ́n bí a ṣe ń ti oníbàárà kí ó tètè sọ pé òun ó rà. Lórí ọjà tí owó rẹ̀ kéré, títà yá sí i, ó tilẹ̀ pọ̀ sí i díẹ̀. Lórí ọjà olówó gọbọi, ńṣe ni ó dín kù. Kò yà wá lẹ́nu rárá. Ẹni tí yóò ná owó tí ó pọ̀ ń bẹ̀rù àṣìṣe, bí a bá sì ń tì í, ìbẹ̀rù náà ni yóò máa pọ̀ sí i.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọjà olówó ńlá ni ti ìjókòó, tí ọjà kékeré sì jẹ́ ti ìdúró. Oníṣẹ́ iná kan wà tí ó máa ń wá ra ínfátà mẹ́ta, mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan lọ́dọ̀ wa. Ó ti ṣe ìṣírò rẹ̀ láti ibi iṣẹ́. Bí a bá fún un ní àga kí a máa bi í pé kí ni ẹ fẹ́ fi ṣe, ìwọ̀sí ni. Iye owó, ojúlówó, àti pé ṣé ó wà nílẹ̀ lónìí, òun nìyẹn. Ẹ sì wo wáyà, tí kì í ṣe ọjà ńlá. Ẹni tí ń kọ́ ilé àkọ́kọ́ rẹ̀ wọlé, ó ní kí a fún òun ní èyí tí ó rọjú jù, ìdì márùn-ún. Ìjókòó ni tirẹ̀. Wáyà 1.5 jẹ́ ti gílóòbù, 2.5 ti sókẹ́ẹ̀tì, bí yóò bá sì lo ẹ̀rọ amúlétutù, 4 ni a sábà ń fà lọ síbẹ̀. Bí ó bá fi tín-ín-rín sí ibi tí ó yẹ kí nípọn wà, wáyà yóò máa gbóná nínú ògiri, ògiri náà ni wọn yóò sì fọ́ kí wọ́n tó lè yọ ọ́. Kì í ṣe ohun tí a lè gbé lọ sí bálùwẹ̀.

Oníbàárà kan náà sì lè yí padà. Ìyá aránṣọ wa yìí ń wá ra omi bátìrì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdúró ni a fi ń tà á fún un, ó ti mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ìjókòó ní ewu tirẹ̀. Àwọn kan yóò jókòó, a ó ṣe ìṣírò fún wọn tán, wọn yóò sì gbé ìwé ìṣírò náà lọ sí ìsọ̀ tí kò bi wọ́n ní nǹkan kan, tí ó sì tipa bẹ́ẹ̀ lè dín owó kù. A kì í bá wọn jà. Ṣùgbọ́n a ń gba owó ìrìn kí ọmọ wa tó jáde lọ wo ilé ẹnikẹ́ni, a ó sì yọ ọ́ kúrò nínú owó ọjà bí ó bá rà á lọ́dọ̀ wa. Ẹni tí kò bá fẹ́ san án sábà máa ń jẹ́ ẹni tí ó ti mọ ohun tí yóò rà, tí ó kàn ń wá iye rẹ̀. A ó sọ iye fún un lórí ìdúró.

Ìjókòó ẹ̀tàn náà wà, kí a má parọ́. Ọlọ́jà a máa béèrè ọ̀rọ̀ lọ́tùn-ún lósì, kìkì kí ó lè ta èyí tí ó tóbi jù. Ẹ wo àwọn tí ó ti jókòó lọ́dọ̀ rẹ̀: ṣé ó ti sọ fún ẹnì kan rí pé kí ó ra kékeré, tàbí kí ó má rà rárá? Bí kò bá sí, ìdúró ni ó ń tà, àga lásán ni ó gbé kalẹ̀.

Ní ti ọjọ́ Sátidé, tí èrò máa ń kún ìsọ̀ wa, a kì í fún ẹnikẹ́ni ní àga. Ẹni tí ó bá béèrè ínfátà, a ó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, a ó ní kí ó lọ ka gbogbo ohun tí yóò máa lo iná nílé, kí ó sì padà wá lọ́sàn-án ọjọ́ Mọ́ńdè.