Ohun Tí Ọwọ́ Máa Kọ́kọ́ Ṣe

Ẹ wo àláàmù fóònù yín. Ọ̀pọ̀ wa máa ń kọ "Ọ̀gẹ̀dẹ̀" tàbí "Ọ̀rọ̀ ilẹ̀" síbẹ̀. Orúkọ iṣẹ́ nìyẹn, kò sọ ibi tá a ti máa bẹ̀rẹ̀. Ní 2001, David Allen, ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ìgbésẹ̀ tó kàn, tó ṣeé fojú rí, ló yẹ ká kọ.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹni tó ń din dòdò Ìkirè. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n dáadáa ló ń lò, ìyẹn kì í sì í dúró de èèyàn. Àláàmù dún lálẹ́: "Ọ̀gẹ̀dẹ̀." Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ṣé kó pe ẹni tó ń tà á ni, àbí kó wá owó? Kó tó rò ó tán, ó ti pa á. Lọ́jọ́ kejì, ẹlòmíràn ti kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ.

Ká ní ó kọ "Pe ìyá ọlọ́gẹ̀dẹ̀ ní Àpòmù, bi í pé mélòó ló kù", ìṣẹ́jú méjì ti tó.

Tá a bá ti sún àláàmù kan síwájú lẹ́ẹ̀mẹta, a ti fo nǹkan kan. Bóyá nọ́ńbà ìyá náà ò sí lọ́wọ́. Ẹ yí i padà: "Gba nọ́ńbà ìyá ọlọ́gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ Àǹtí."

Tá a bá sì pè é tán, ká tó gbé fóònù sílẹ̀, ká kọ èyí tó kàn: "Ka owó ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú àpò ọjà." Ìpè nìkan kì í gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dé Ìkirè.