Títa òwú níwájú, títa aṣọ lẹ́yìn: òwò tí mo kọ́ ní Ìsẹ́yìn

Ilé tí mo ti kọ́ òwò ní Ìsẹ́yìn ní ẹnu ọ̀nà méjì. Èyí tó kọjú sí títì ni a ti ń ta òwú fún àwọn ahunṣọ. Èyí tó wà lẹ́yìn, nítòsí ibi tí àwọn ahunṣọ jókòó sí nídìí òfì, ni a ti ń gba iṣẹ́ aṣọ ìgbéyàwó, òkú àgbà àti ìwúyè. Ìyá kan náà ló ni méjèèjì, àmọ́ bó ṣe ń tajà níwájú kò jọ bó ṣe ń tà á lẹ́yìn rárá. Níwájú, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀: owó, ọjà, ó dàbọ̀. Lẹ́yìn, ó lè bá èèyàn jókòó títí oòrùn á fi yẹ̀ kó tó dárúkọ iye kankan. Èmi tí mo rò pé orúkọ aṣọ àti iye owó wọn ni mo wá kọ́, wá rí i pé iṣẹ́ gan-an ni kí n mọ ẹnu ọ̀nà tó yẹ oníbàárà kọ̀ọ̀kan.

Iwájú ni wọ́n kọ́kọ́ fi mí sí. Ahunṣọ tó wá ra òwú mọ ohun tó fẹ́ ju ẹni tó ń tà á fún un lọ. Ó mọ àwọ̀ rẹ̀, ó mọ bó ṣe nípọn tó, ó sì mọ iye tí wọ́n ń tà á ní ìsọ̀ tó wà lódìkejì títì, torí òwú kan náà ni gbogbo wa jọ ń tà. Ohun tó fẹ́ mọ̀ kò ju pé ṣé ó wà, èló ni, ṣé wọ́n á tètè dá òun lóhùn. Iṣẹ́ ti wà lórí òfì rẹ̀ nílé, àwọ̀ kan ló tán, gbogbo ìgbà tó bá sì fi dúró lọ́dọ̀ wa, aṣọ kò sún síwájú. Bí èèyàn bá ní kó jókòó kó ṣàlàyé ohun tó fẹ́ fi òwú hun, ńṣe ni onítọ̀hún ń jẹ àkókò rẹ̀. Ohun tó ń mú un padà wá ni pé òwú kì í tán lọ́dọ̀ wa, ìdì pé, iye tí a pè láàárọ̀ la pè ní ìrọ̀lẹ́, ṣéńjì sì wà nílẹ̀. Ìyá kì í fẹ́ ìnájà gígùn níbẹ̀. Iye tó sún mọ́ ìgbẹ̀yìn ló ń kọ́kọ́ pè, á sì fi ẹ̀ẹ̀nì lé e fún ẹni tó bá ra púpọ̀.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Ìyá fún mi láṣẹ láti máa bi wọ́n níwájú: "Ṣé iṣẹ́ tó wà lórí òfì lẹ fẹ́ fi parí, àbí iṣẹ́ tuntun ni?" Ìdí rẹ̀ ni pé òwú tí wọ́n pa láró lọ́jọ́ kan kì í bá èyí tí wọ́n pa lọ́jọ́ mìíràn dọ́gba pátápátá, kódà kí orúkọ àwọ̀ wọn jẹ́ ọ̀kan náà. Nínú ìdì, ojú lè má rí i. Bí wọ́n bá ti hun ún tán, tí wọ́n wá rán aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ ti tẹ́lẹ̀ mọ́ ti tuntun, ìyàtọ̀ náà á hàn gbangba bí ìlà. Ẹni tó bá fẹ́ parí iṣẹ́, a ní láti wá èyí tó kù nínú ẹrù àkọ́kọ́ fún un, tàbí ká sọ fún un pé ó ti tán. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ tuntun, kó gba èyíkéyìí, kó máa lọ. Ìbéèrè yẹn kò gba àkókò, ó sì kan ohun tí àwa mọ̀ tí ahunṣọ kò lè mọ̀, ìyẹn ẹrù tí ìdì kọ̀ọ̀kan ti jáde.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ìlànà Ìyá. Ó ní kí n máa wò ó láàárín èmi àti oníbàárà, ta ló mọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó jù? Bó bá jẹ́ òun ló mọ̀ ọ́n, kí n tajà fún un kí n gbẹ́nu mi dákẹ́. Bó bá jẹ́ èmi ni mo mọ ohun tó lè ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́, tí òun kò sì mọ̀, kí n má tíì pe iye.

Nígbà tí wọ́n mú mi dé ẹ̀yìn, iṣẹ́ kan dé láti Èkó tí mo fi lóye rẹ̀ yékéyéké. Ìyá ìyàwó pè, ó fi àwòrán ránṣẹ́ lórí Wásáàpù: aṣọ òfì tó ní ihò wínníwínní, tí wọ́n sì fi òwú tó ń dán ṣe ọnà sí lára. Ó fẹ́ gèlé pẹ̀lú ìpèlé 60 àti fìlà 40. Ó ní, "Ẹ kàn sọ ìgbẹ̀yìn fún mi." Bó ṣe béèrè jọ ti ẹni tó mọ ohun tó ń wá. Ìyá kí i dáadáa, ó bá a yọ̀, ó wá ní, "Ọjọ́ wo ni ìnáwó, màmá wa?" Ọ̀sẹ̀ méje ló kù.

Ó ní kí n mú bírò, ká ṣírò rẹ̀ pọ̀. Nílé wa, ahunṣọ tó já fáfá máa ń lo nǹkan bí ọjọ́ méjì lórí gèlé àti ìpèlé kan bí kò bá ní ọnà púpọ̀. Ọgọ́ta jẹ́ 120 ọjọ́ iṣẹ́ fún ẹnì kan. A ní ahunṣọ mẹ́fà, ó sì di 20 ọjọ́. Fìlà máa gbà tó ọjọ́ méjì lé e. Bí a bá yọ ọ̀sán Jímọ̀ àti ọjọ́ Àìkú, tí a fi títo òwú sórí òfì kún un, tí a tún fi rírán aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ pọ̀ kún un, ó ń lọ sí ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Bẹ́ẹ̀, aṣọ tí kò ní ọnà nìyẹn. Ihò àti ọnà inú àwòrán náà máa sọ ọjọ́ méjì di mẹ́rin. Ìgbéyàwó á ti kọjá kí ahunṣọ tó kúrò nídìí òfì. Ká ní a ti pe iye fún un lọ́jọ́ yẹn, yóò san án, a ó gbà á, ọjọ́ yóò pé, aṣọ kò ní pé.

Ìyá wá béèrè ẹni tó máa sanwó. Ó hàn pé ti ìdílé ni àwọn ìdílé máa san, àmọ́ àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó ló máa ra èyí tó pọ̀ jù gẹ́gẹ́ bí aṣọ ẹbí, oníkálukú láti àpò ara rẹ̀. Bí iye bá ga jù, ọ̀pọ̀ wọn á kàn fọgbọ́n yẹra, aṣọ á wá ṣẹ́ kù sí ìyá ìyàwó lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí ni pé kí ihò àti ọnà wà lára aṣọ ìyàwó àti ti àwọn ìyá méjèèjì nìkan, kí 57 yòókù jẹ́ pẹlẹbẹ ní àwọ̀ kan náà. Owó tó wọlé fún wa dín kù gan-an sí iye àwòrán yẹn. Ìyá kò banú jẹ́ sí i. Èmi náà gbà pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, torí ẹni tó bá ń bi oníbàárà ní ìbéèrè kó lè rí ọ̀nà ta ọjà tó wọ́n jù fún un, kò gbà á nímọ̀ràn rárá. Ó kàn ń ta ọjà lọ́nà gígùn ni, oníbàárà á sì fura bí gbogbo ìdáhùn rẹ̀ bá ń já sí ibi tí owó pọ̀ sí.

Ó ku àwọ̀. Ojú fóònù kì í fi àwọ̀ hàn bó ṣe rí. Ìyá ní kí wọ́n gé díẹ̀ lára lééṣì tí wọ́n máa wọ̀ ọ́ mọ́, kí wọ́n fi rán awakọ̀ ní gáréèjì. Nígbà tó dé, èyí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú lójú fóònù jẹ́ àwọ̀ àlùbọ́sà lọ́wọ́. A gbé e sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn ti ń wọlé, a fi ìdì òwú bíi mélòó kan wé e, a hun àpẹẹrẹ tó gùn tó ọwọ́ kan, a sì fi í ránṣẹ́ padà. Ìgbà tí wọ́n fọwọ́ sí i ni Ìyá tó ra gbogbo òwú iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan náà, láti inú ẹrù kan.

Àmọ́ kí a tó hun àpẹẹrẹ yẹn, ó ti gba àsansílẹ̀. Ìbéèrè kò gbowó, ìṣirò kò gbowó, àpẹẹrẹ ló ń gbowó. Títa onífọ̀rọ̀wérọ̀ ní àìsàn kan tó lè pa òwò: ẹlòmíràn á wá gba gbogbo ìmọ̀ràn, á gba àpẹẹrẹ tó ti bá lééṣì rẹ̀ mu, á kó o lọ bá ahunṣọ tí kò ṣe wàhálà kankan, ìyẹn á sì hun ún ní owó pọ́ọ́kú. Bí oníbàárà bá gbọ́ ìbéèrè mẹ́ta, tó sì ṣì ń dáhùn pé "èló ni ìgbẹ̀yìn?" Ìyá á pe iye fún un láìbínú, á sì dìde lọ síbi iṣẹ́ mìíràn.

Lẹ́yìn tí mo gba òmìnira ni mo ka iṣẹ́ Neil Rackham, ará Ìlú Ọba tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàyẹ̀wò ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ọjà tó tó 35,000 ní orílẹ̀-èdè tó lé ní ogún, tó sì gbé ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1988. Ó rí i pé ọgbọ́n fífi ipá mú oníbàárà sọ pé "ó dáa, mo ti rà á" máa ń ṣiṣẹ́ nínú ọjà kékeré, ṣùgbọ́n ó máa ń lé oníbàárà sá nínú ọjà ńlá. Nínú ọjà ńlá, ẹni tó béèrè ìṣòro oníbàárà àti ohun tí ìṣòro náà lè bí ló ń tà. Mo gbà á, torí mo ti fojú rí i. Ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó lójú mi ni ọ̀rọ̀ ìtóbi ọjà. Alájàpá tó wá láti Ìbàdàn lójú ọ̀nà Mọ́níyà, tó fẹ́ kó aṣọ lọ sí ọjà Òjé, lè ná owó tó ju ti ìgbéyàwó méjì lọ lójúmọ́ kan. Síbẹ̀ ẹnu ọ̀nà iwájú ló yẹ ẹ́. Ó mọ àwọ̀ tó ń tà lọ́wọ́, ó mọ iye tí òun máa tà á, bí aṣọ kan kò bá sì tètè tà, á yí i sí ẹgbẹ́ kan títí di ọjọ́ ọjà mìíràn. Ó kàn fẹ́ iye tó dáa àti aṣọ tí etí rẹ̀ gún. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wá ra sányán ẹyọ kan fún ìsìnkú bàbá rẹ̀, owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti alájàpá, ṣùgbọ́n ó yẹ ká bi í bóyá àwọ̀ sányán tí wọ́n fi òwú lásán hun ló fẹ́, tàbí ojúlówó tí wọ́n ń fi òwú kòkòrò hun. Iye wọn jìnnà síra, àwọn àgbà tó máa jókòó níbi ìsìnkú náà sì mọ èyí yàtọ̀ sí tọ̀hún. Òun fúnra rẹ̀ lè má mọ̀ ọ́n. Ìnáwó náà kò sì ní ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Ìyá ìyàwó tọ̀hún padà pè lẹ́yìn ìgbéyàwó náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ṣe ọjọ́ ìbí, wọ́n fẹ́ fìlà mìíràn ní àwọ̀ kan náà, 25. A ti lẹ àpẹẹrẹ aṣọ rẹ̀ mọ́ ìwé, a kọ iye ìdì òwú tó gbà sí abẹ́ rẹ̀, bí ahunṣọ ṣe to òwú náà sórí òfì sì wà níbẹ̀. Mo yẹ ẹrù tó wà nílẹ̀ wò, mo sọ fún un pé àwọ̀ náà á fi díẹ̀ yàtọ̀ torí òwú ti àkọ́kọ́ ti tán, ṣé kò burú? Ó ní kò burú, ọ̀tọ̀ ni àwọn tó máa dé e. Mo pe iye, ó san án.