Lẹ́tà inú àpótí màmá àgbà

Ẹ̀gbọ́n mi ló fi fótò lẹ́tà kan ránṣẹ́ sí mi láti ilé wa ní Pópó Àgùdà, l'Ékòó. Inú àpótí màmá àgbà ló ti rí i. Yíǹkì ẹ̀ ti ṣá, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ èdè náà nílé. Àwọn bàbá wa ti gbà pé ìwé ilẹ̀ ni, torí ẹjọ́ ilé yẹn ò tíì parí.

Mo ní kó tún un yà: kó pa iná yàrá, kó tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́ bébà. Ojú ibi tí kálàmù ti tẹ bébà á hàn. Lórí fóònù, mo fi àwọ̀ búlúù nìkan sílẹ̀, torí yíǹkì tó ti pọ́n máa ń dúdú sí i níbẹ̀.

Ni mo bá rí "Bahia" lókè. Ha, Potogí! Bó ṣe kọ "a" àti "h" níbẹ̀ ni mo fi ń dá wọn mọ̀ níbòmíì. "q" kan tó nílà lórí ń yọjú ṣáá: "que" ni wọ́n gé kúrú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ìlà mọ́kànlá péré.

Ọ̀rọ̀ kan ò sí nínú díkíṣọ́nárì: "mãi". Bí wọ́n ṣe ń kọ "mãe" láyé ọjọ́un nìyẹn. Ìyá.

Kò sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ níbẹ̀ rárá o. Ẹni náà ń béèrè bóyá ìyá òun ṣì wà láàyè l'Ékòó.

Mo kà á fún màmá àgbà lórí fóònù. Wọ́n dákẹ́ títí. Wọ́n ní, "Ṣé wọ́n dá a lóhùn?"