Orúkọ Nìkan Kò Tó

Tọkọtaya ni wá. Kóòdù la fi ń jẹun; èlùbọ́ tí à ń tà lórí Wasáàpù la fi ń san owó ilé. Lọ́jọ́ kan, a fi èyí ránṣẹ́ sí gbogbo oníbàárà wa pa pọ̀:

> ẸYIN ONÍBÀÁRÀ WA Ọ̀WỌ́N!!! ỌJÀ GIDI TI DÉ O!!! Èlùbọ́, gàrí, ẹ̀wà, epo pupa, ata gígún, gbogbo ẹ̀ ló wà ńlẹ̀! Ẹ tètè rà kó tó tán!!! Ẹ fi ránṣẹ́ sí èèyàn mẹ́wàá!!!

Ìdáhùn méjì péré la rí. Ọ̀kan ní: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ nọ́ńbà mi kúrò." Ìyá kan tó máa ń ra kóńgò mẹ́rin lóṣooṣù ni. Ó dùn wá gan-an.

Bí oníkóòdù, orúkọ la kọ́kọ́ rò pé ó kù. Broadcast list kì í fi orúkọ kálukú sínú ọ̀rọ̀; ohun kan náà ló ń gbé lọ fún gbogbo èèyàn. La bá kọ kóòdù kékeré tó ń fa orúkọ jáde látinú fóònù, tó ń ṣe líǹkì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan:

```
https://wa.me/NUMBER?text=MESSAGE
```

Tá a bá tẹ líǹkì náà, Wasáàpù á ṣí, ọ̀rọ̀ á ti wà níbẹ̀, ó ku ká tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Ọpẹ́lọpẹ́ pé a ka ti àkọ́kọ́: "Ẹ káàárọ̀, Ìyá Bọ́lá Onígbèsè." Bá a ṣe fi orúkọ wọn pamọ́ sórí fóònù nìyẹn!

A pa kóòdù tì. Ẹ̀rọ lè pe orúkọ, àmọ́ àwa la mọ ohun tí kálukú rà. A wá pín wọn sọ́nà mẹ́ta: àwọn tó rà láàárín oṣù méjì, àwọn tó ti pẹ́ tí wọ́n ti rà, àtàwọn tó kàn béèrè iye owó. Àwọn àkọ́kọ́ gba èyí:

> Ẹ káàárọ̀ o. Àwa oní-èlùbọ́ yín ni. Èlùbọ́ Ṣakí tún ti dé, irú èyí tẹ́ ẹ rà gbẹ̀yìn. ₦4,000 ni kóńgò kan. Ṣé ká fi díẹ̀ pamọ́ fún yín di Sátidé?

Ọjà kan, iye kan, ìbéèrè kan tí "bẹ́ẹ̀ ni" lè dáhùn. A ò kọ "mà" sí i, torí ọkùnrin wà nínú wọn. Ìdáhùn wọlé lọ́jọ́ náà, àwọn kan tiẹ̀ kí àwọn ọmọ wa.

Àwọn kan dákẹ́ ṣá. Ẹni tí kò bá tíì fi nọ́ńbà wa pamọ́ sórí fóònù rẹ̀, ọ̀rọ̀ Broadcast list kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá. Nísinsìnyí, bí ẹnì kan bá rajà, a máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fi nọ́ńbà wa pamọ́.

Ìyá tó ní ká yọ òun, a yọ wọ́n. A ò fi tuntun náà ránṣẹ́ sí wọn. Títí dòní, wọn ò tíì padà wá.